Orúkọ méjì fún èrè tí iléeṣẹ́ ń pín

Olùtumọ̀: Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé ìdókòwò kan. Ṣé a lè pe èrè tí wọ́n pín, bí a bá fi wé iye ṣíà lọ́jà, ní “èso owó”, kí a sì pè é bẹ́ẹ̀ náà bí a bá fi wé èrè tí iléeṣẹ́ jẹ?

Aṣírò owó: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo “èso”. Bí igi bá so jìngbìnnì, a mọ̀ pé ara rẹ̀ le; ìdá àkọ́kọ́ yìí sì lè ga nítorí pé igi ń kú lọ. Ẹ wo Kárílíọ́nì, iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pín pẹ́ńsì 18.45 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan fún ọdún 2016, nígbà tí ó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje 2017, ṣíà náà wà ní nǹkan bí pẹ́ńsì 192, ìdá náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 nínú 100. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ó kéde pé òun ti yọ mílíọ̀nù 845 pọ́n-ùn kúrò nínú iye àwọn iṣẹ́ àgbàṣe òun, àti pé òun kò ní pín èrè kankan fún ọdún náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ṣíà já sí nǹkan bí pẹ́ńsì 57. Ẹni tó bá ṣì fi 57 pín 18.45 yóò rí 32 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kọ́bọ̀ kan tó lé; iye ṣíà nìkan ló wó. Mo dábàá “èrè-lórí-iye” fún èyí, kí ìkejì jẹ́ “ìpín-nínú-èrè”.

Ìyá oníṣòwò: Mo ra ṣíà kan ní náírà 10, wọ́n ń fún mi ní náírà 1 lọ́dọọdún. Ó ti di náírà 5 báyìí. Ṣé èrè mi ti di 20 nínú 100 nìyẹn?

Aṣírò owó: Rárá, Màmá. Ẹni tó bá rà á lónìí ló lè ka 20, bí náírà 1 yẹn bá tún wá. Lórí owó tí ẹ̀yin san, 10 ni.

Olùkọ́: Ó dáa, ìdá kejì ni kí a gbójú lé. Bí ó bá kéré, kò séwu.

Aṣírò owó: Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tí Kárílíọ́nì pín kò tó èrè tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé. Ẹ̀dùn ibẹ̀ ni pé owó tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún un kò tíì san wà nínú èrè náà, nígbà tó jẹ́ pé owó gidi ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn onípìn-ín, tí gbèsè sì ń ga. Ní oṣù Kìíní 2018, iléeṣẹ́ náà kógbá sílé. Owó tó wọ àpò gan-an ni kí ẹ fi wé ohun tí wọ́n pín.

Onímọ̀ èdè: “Nínú” ló ń da èmi láàmú. Ohun tó wà nínú nǹkan kì í ju nǹkan náà lọ, àmọ́ iléeṣẹ́ tó jèrè náírà 5 lè yá 2 kún un, kí ó sì pín 7. Mo fara mọ́ “ìdá-àpínjáde”.

Aṣírò owó: Ìdí tí mo fi fẹ́ “nínú” gan-an nìyẹn, ọ̀gá. Ẹni tó bá kà pé ìpín-nínú-èrè jẹ́ 140 nínú 100 yóò béèrè ibi tí ìyókù ti wá.

Olùtumọ̀: Mo dúpẹ́ o. Màá lo “èrè-lórí-iye”. Mo ṣì ń ro ìkejì lọ́wọ́.