Báńkì ti gé èlé, kí ló dé tí mọ́géèjì mi ń gòkè?

Àbíkẹ́, Lídíìsì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lónìí, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ 2024, Báńkì Íńgílándì gé èlé láti 5.25% sí 5%. Inú mi dùn, àfìgbà tí mo ṣí lẹ́tà báńkì tèmi. Èlé owó ilé mi, ti ọdún márùn-ún tí kì í yí padà, tí mo gbà ní 2% lọ́dún 2019 máa parí ní Oṣù Kọkànlá, 4.8% ni wọ́n sì gbé síwájú mi báyìí. £763 tí mò ń san lóṣù máa di £979. Ṣé gígé nìyẹn? Wọ́n ní èlé máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn, ṣé òun nìyí?

Dàpọ̀, Kẹ́ńtì: Àǹtí, wọ́n ń rẹ́ yín jẹ ni. Tírákà, èyí tó ń tẹ̀ lé èlé Báńkì Íńgílándì, ni tèmi, kò ní pẹ́ wálẹ̀. Ta ló sọ pé èlé máa ń pẹ́ lọ́nà?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Lọ́ndọ̀nù: Dàpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni tírákà ń ṣe lóòótọ́, àmọ́ èlé ọdún méjì tàbí márùn-ún ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àbíkẹ́, kì í ṣe ti òní ló kàn ọ́. Èlé tí wọ́n ti ń gbé sókè láti Oṣù Kejìlá 2021, láti 0.1% títí ó fi dé 5.25% lọ́dún tó kọjá, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ilé rẹ. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ní kí èèyàn dín ìnáwó kù yẹn, kọ́bọ̀ kan ò lé lórí owó rẹ.

Báńkì Íńgílándì fúnra wọn náà pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè. Àárín oṣù tó tẹ̀ lé e ni iye tí ọjà fi wọ́n lóṣù kan máa ń jáde. Ti Oṣù Kẹjọ 2021 jẹ́ 3.2%, bẹ́ẹ̀ 2% ni wọ́n ń lé. Síbẹ̀, ní Oṣù Kọkànlá, méje nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tó ń pinnu èlé ní kí èlé ṣì dúró. Fọ́lò, owó tí ìjọba fi ń bá ilé iṣẹ́ sanwó oṣù nígbà Kòrónà, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án ni, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó fi di Oṣù Kẹwàá 2022, ọ̀wọ́n ọjà ti dé 11.1%.

Kẹ́mi, Gilásígò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Gáàsì àti ogun Yukiréènì ńkọ́? Bí wọ́n tiẹ̀ tètè gbé èlé sókè, ṣé ìyẹn máa mú gáàsì pọ̀ sí i ni?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé: O jàre níbẹ̀, mi ò lè bá ọ jiyàn púpọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀wọ́n ọjà ti padà sí 2% láti Oṣù Karùn-ún, àwọn bíi Àbíkẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fún ìgbànú. Bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ léraléra kí ti àkọ́kọ́ tó yọ́ ni. Márùn-ún sí mẹ́rin ni ìbò tòní, àwọn gan-an ò fẹnu kò.

Ìyá Tóbi, Lútìnì: Ẹ bá mi dá sí ti Nàìjíríà. Wọ́n gbé èlé dé 26.75% loṣù tó kọjá, gààrí ò tíì wálẹ̀.

Kẹ́mi: Mà, ẹni tó ń ta gààrí ń gba owó àjọ, kì í ṣe ti báńkì. Ọ̀nà wo ni èlé yẹn máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé: Àbíkẹ́, tètè gba 4.8% yẹn mọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ báńkì máa ń gbà kó o mú un sílẹ̀ ní bí oṣù mẹ́fà ṣáájú. Bó bá wálẹ̀ kí Oṣù Kọkànlá tó dé, béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kó o pààrọ̀ rẹ̀. Má jẹ́ kí ti àtijọ́ parí láìmú òmíràn o, èlé tí wọ́n máa sọ ọ́ sí ga jùyẹn lọ.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé gan-an, sà. Màá pè wọ́n lọ́la. Ọdún méjì ni kí n mú àbí márùn-ún?

Dàpọ̀: Méjì!

Kẹ́mi: Márùn-ún, jàre.