Ìka mẹ́rin tó kù nínú fọ́tò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìparí ìtàn mi

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìtàn kúkúrú kan ni mò ń kọ, ìparí rẹ̀ ló sì ń dà mí láàmú. Àkàndé jẹ́ ọmọ ọdún 11 ní Ìbàdàn, Gbádébọ̀ sì ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó máa ń fipá gba owó oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò kíláàsì, Gbádébọ̀ fi apá kọ́ ọ lọ́rùn bí ọ̀rẹ́. Nígbà tí fọ́tò náà dé sórí fóònù ìyá Àkàndé, ọmọ náà gé e láti apá ọ̀tún títí Gbádébọ̀, tó dúró ní ìparí ìlà, fi kúrò níbẹ̀. Ìka mẹ́rin ló kù lórí èjìká Àkàndé, pẹ̀lú ẹ̀rín lójú òun fúnra rẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé, "Ó mọ̀ báyìí pé ìbẹ̀rù kì í tán." Gbólóhùn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ tètè lọ rí olùkọ́ ọmọ yín. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ nípa tèmi ni pé kì í tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé tán tí á ti máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí fún ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo ìkòkò ọbẹ̀ yẹn?

Ayàwòrán: Ẹ rántí pé ńṣe ni fóònù máa ń gé fọ́tò gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹni tó jókòó níwájú Gbádébọ̀ á bá a lọ. Bí ó bá sì ti gé e, kò sí àtúnṣe mọ́. Ẹ parí rẹ̀ síbẹ̀.

Àgbà Òǹkọ̀wé: Òótọ́ ni ti gígé gbọọrọ, ṣùgbọ́n àtúnṣe wà. Nínú Google Photos, bí ọmọ náà bá fi èyí tó gé rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ó lè padà sí ibi àtúnṣe kí ó tẹ Revert, gbogbo fọ́tò á sì padà. Ibẹ̀ ni ìtàn yín wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin tó máa ń bu àkàrà rẹ̀ fún Àkàndé jókòó níwájú Gbádébọ̀. Ẹ yọ gbólóhùn ìbẹ̀rù yẹn kúrò. Ìka mẹ́rin náà ti sọ ọ́. Ẹ sì tọ́ka sí ẹni tó ní kí Àkàndé rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dá Gbádébọ̀ padà o. Ọmọ náà ti jìyà tó.

Olùbéèrè: Mà, n kò tíì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é láìdá a padà. Ohun tí mo kọ lálẹ́ yìí nìyí: "Ó wá ọmọbìnrin aláàkàrà náà títí, kò rí i. Ó tẹ Revert. Ọmọbìnrin náà padà, ó di ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ẹsẹ̀ Gbádébọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀."