Lẹ́tà àforíjì sí àlejò tí wọ́n gbé oúnjẹ tútù fún níbi ìgbéyàwó

Olùbéèrè: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ni mò ń bójú tó oúnjẹ ní gbọ̀ngàn àpèjẹ kan. Ní Sátidé tó kọjá, agogo méjì àbọ̀ ló yẹ ká gbé oúnjẹ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni ò tán bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà ní ìdáná ti bu gbogbo rẹ̀ sáwo. Agogo mẹ́rin kọjá kó tó dé tábìlì ẹ̀yìn pátápátá. Màmá kan níbẹ̀ kọ̀wé sí wa pé ọ̀rá ti dì lójú àwo òun. Ẹ bá mi wo èsì tí mo kọ:

"Ẹ má bínú bí oúnjẹ wa ò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹbí tọkọtaya sọ ló gùn jù."

Baba Ìbejì: Ẹ dá owó oúnjẹ màmá padà, ó parí.

Ìyá Alásè: Baba Ìbejì, ṣé màmá ló sanwó ni? Tọkọtaya ló bá gbọ̀ngàn ṣàdéhùn, àwọn lẹ máa bá sọ̀rọ̀ owó, lọ́tọ̀. Olùbéèrè, ẹ yọ "bí kò bá" yẹn. Màmá ti sọ pé ó tutù, ẹ tún ń ṣe bí ẹni pé kò dá yín lójú. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ẹbí náà, torí lẹ́tà yẹn á dé ọwọ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló mú oúnjẹ tutù, bíbù tí ẹ tètè bù ú ni. Ká ní inú kúlà ló wà, ì bá ṣì máa yọ èéfín. Aago mélòó lẹ bù ú?

Olùbéèrè: Méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà.

Ìyá Alásè: Ó ti ń lọ sí wákàtí méjì nìyẹn! Oúnjẹ tó bá ti wá sísàlẹ̀ 60°C tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe adùn nìkan ló ń bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ara màmá yá. Ẹ wá kọ ọ́ báyìí:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá. Agogo méjì àbọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ jẹun. Agogo mẹ́rin kọjá kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì ti tutù, torí pé a bù ú sáwo kó tó tó àkókò. Ní báyìí, a kì í bu oúnjẹ mọ́ àfi tí ẹni tó ń darí ètò bá sọ fún wa pé ó ku ẹnì kan tó máa sọ̀rọ̀."

Tẹ́ ò bá tíì yí i padà ní ìdáná, ẹ má kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn o.

Àbíkẹ́yìn: Èmi náà jẹ oúnjẹ tútù níbi ìgbéyàwó kan, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Baba Ìbejì: Àbíkẹ́yìn, ẹni tó ń kọ lẹ́tà ló ń béèrè, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, mà. A ti yí i padà. Ṣé kí n kọ́kọ́ pe ìyàwó kí n tó fi ránṣẹ́?

Ìyá Alásè: Ẹ pè é. Kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò rẹ̀.

Baba Ìbejì: Èmi ò ní pè é ní tèmi. Ẹ jẹ́ kó gbádùn ìgbéyàwó rẹ̀ ná.