Agbára 120 tàbí agbára 90: èwo ni ká kọ?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sílàìdì iṣẹ́ iná oòrùn abúlé kan ni mò ń kọ sí Yorùbá. Ẹ̀dà kan wà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ fowó sí i, ìkejì la ó kà níwájú ará abúlé àti òṣìṣẹ́ àjọ tó ń ṣàkóso iná. Ti àwọn olówó sọ pé "agbára: 120 kílówáàtì, ń pèsè iná fún gbogbo abúlé". Ti àjọ sọ pé "agbára: 90 kílówáàtì, àdánù: 8%". Ẹnjinníà ní òótọ́ ni méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò tí wọn ò fi ní pè wá ní òpùrọ́?

Akọ́mọlédè: Ẹ pe 120 ní "agbára", kí ẹ pe 90 ní "okun". Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, kí la tún ń wá?

Oníwáyà: Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ ká yà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n "okun" ò sọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ wà. 120 ni àpapọ̀ ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwọn páànẹ́ẹ̀lì. Yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ líle, tí páànẹ́ẹ̀lì wà ní dígírì 25. Nínú oòrùn tiwa, páànẹ́ẹ̀lì a máa gbóná kọjá ìyẹn dáadáa, kì í sì í fẹ́ mú iye náà wá. 90 ni èyí tí ínfátà lè tì sórí wáyà lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà, lórí irú iná yìí ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tó ń gba orí wáyà ni wọ́n wò fún ààlà 100 kílówáàtì: ẹni tó bá kọjá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tí kò bá kọjá rẹ̀ lè kàn forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá kọ 120 lásán fún òṣìṣẹ́ àjọ, ìwé àṣẹ ni yóò máa béèrè. Tí ẹ bá kọ 90 lásán fún àwọn olówó, ẹni tó rí rìsíìtì páànẹ́ẹ̀lì yóò béèrè ibi tí 30 wọlẹ̀ sí. Ẹ pe ọ̀kan ní "agbára ojú páànẹ́ẹ̀lì", ìkejì ní "agbára ẹnu wáyà", kí méjèèjì sì wà nínú ẹ̀dà méjèèjì. Èyí tó máa ṣáájú ló lè yàtọ̀. (Bí ìpínlẹ̀ yín bá ti ní àjọ tirẹ̀ lẹ́yìn òfin iná 2023, ẹ wo ìlànà tiwọn.)

Ìyálájé: Akápò alájẹṣẹ́kù lèmi. 120 lọ́nà wákàtí 24 jẹ́ yúnítì 2,880 lójúmọ́. Owó ńlá nìyẹn! Kí ló wá kàn mí kan ẹnu wáyà? "Àdánù" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ ti mọ̀ pé a máa pàdánù kí ẹ tó ní ká mówó wá?

Oníwáyà: Màmá, oòrùn kì í ràn lóru. Tí a bá ká oòrùn ọjọ́ kan níhìn-ín jọ sí ìmọ́lẹ̀ líle ti yàrá ìdánwò, ẹ jẹ́ ká fi í sí wákàtí mẹ́rin. 120 lọ́nà 4 jẹ́ yúnítì 480. Ooru, eruku ọyẹ́, bátìrì àti ínfátà á jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ku 360. 8% nínú 360 á sọnù lórí wáyà, bíi 29. Mítà àwọn oníbàárà á ka nǹkan bí yúnítì 331. Ìyẹn lẹ máa gba owó lé, "iye iná" sì lorúkọ rẹ̀, kì í ṣe agbára.

Ẹ̀rù "àdánù" tó bà yín tọ́. Létí oníṣòwò, owó ló sọnù. "Iná tó sọnù lórí wáyà: 8% nínú èyí tó bọ́ sórí rẹ̀", bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ síbi méjèèjì. Tí ẹlòmíràn bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti 480, 31% ni yóò kọ, kò sì purọ́.

Bàbá Ìbejì: Jẹnẹrétọ̀ mi ní 3.5 kVA lára, síbẹ̀ ó ń kú tí mo bá tan éásì mọ́ fíríìjì. Ṣé "agbára ojú" ni wọ́n kọ fún mi?

Oníwáyà: Kò jìnnà sí i, sà. kVA kì í ṣe kílówáàtì. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ fi 0.8 lù ú: 2.8 lẹ ní. Éásì sì máa ń fa ìlọ́po iná tó ń lò nígbà tó bá fẹ́ dìde.

Akọ́mọlédè: Mo gbà nípa "okun". Ṣùgbọ́n ẹnu wáyà, létí ará abúlé, lè jẹ́ ẹnu ilé tirẹ̀. "Agbára àjáde" ńkọ́?

Oníwáyà: Páànẹ́ẹ̀lì náà ní àjáde, ẹ̀gbọ́n.

Akọ́mọlédè: A ó tún máa jà á. Ohun mìíràn ló ń dùn mí jù: "ń pèsè iná". Ṣé wọ́n ti rì òpó kankan?

Olùbéèrè: Rárá, sà. Ilẹ̀ nìkan la ṣì rà.

Akọ́mọlédè: "Yóò pèsè" ni, nígbà náà. Kí 331 yẹn náà jẹ́ "a retí", nínú ẹ̀dà méjèèjì. "A wọ̀n" ń dúró de ọjọ́ tí mítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ìyálájé: Ẹ fi ẹ̀dà ti àjọ náà ránṣẹ́ sí mi. Méjèèjì ni mo fẹ́ kà.