Ìṣirò eré ọkọ̀: ṣé ká ro ìṣẹ́jú pọ̀ ni àbí ká yọ ọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama ní Mọ́kọ́lá níbí, n'Ìbàdàn, ya fọ́tò ìṣirò kan ránṣẹ́ sí mi. Iná tàn sórí nọ́ńbà kan, mi ò mọ̀ bóyá 60 ni tàbí 80, mo bá ní kó tún un yà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: bí awakọ̀ bá sá 60 km/h, yóò fi ìṣẹ́jú 20 pẹ́, bó bá sá 80 km/h, yóò fi ìṣẹ́jú 10 yá ju àkókò tí wọ́n dá fún un. Báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó?

Mo fi d dúró fún jíjìn ọ̀nà, mo yọ 10 kúrò nínú 20, mo kọ ọ́ báyìí:

```
d/60 - d/80 = 10
```

Ó fún mi ní 2400. Kìlómítà 2400 kẹ̀! Ìbàdàn sí Èkó gan-an ò tó 150. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé wákàtí ni eré ń bá rìn, ìṣẹ́jú ni mo kọ. Mo sọ ọ́ di 10/60, d wá di 40. Síbẹ̀, 120 ni ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé. Mo dán 120 wò: wákàtí méjì àti wákàtí kan àbọ̀. Ìṣẹ́jú 30 ló wà láàárín wọn, ìyẹn 20 àti 10 pọ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, bí mo bá fi T dúró fún àkókò tí wọ́n dá, báwo ni mo ṣe máa kọ ìdọ́gba méjì látinú "pẹ́" àti "yá", kí ọmọ náà lè rí i fúnra rẹ̀ pé àròpọ̀ ni, láì wo ẹ̀yìn ìwé?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.