Ìwé ìbí tí wọ́n ti láámínéètì: èwo nínú fọ́tò mẹ́ta yìí ni kí n fi ránṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Pẹ́kàmù: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé ìbí ọmọ mi àgbà ni mo fẹ́ fi kún ìwé fíísà rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti gbà á, màmá mi sì ti lọ láámínéètì rẹ̀ kí wọ́n tó fi rán ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà mọ àwọn màmá wa. Fọ́tò mẹ́ta ni mo yà, gbogbo wọn ni mo fi síbí. Nínú àkọ́kọ́, mo dúró gangan lókè rẹ̀ lábẹ́ iná pálọ̀. Ó gún régé, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ funfun kan bọ́ sórí nọ́ńbà ìwé náà. Nínú èkejì, mo dagun fóònù. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kúrò, gbogbo ọ̀rọ̀ ṣeé kà, ṣùgbọ́n òkè ìwé náà wá kéré ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo ti ya ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ òjìji ọwọ́ mi wà ní igun kan. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Hiúsítìn: Kí ó má rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà o. Kí ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ funfun báláú. Torí gíláàsì ni wọ́n ṣe dá ti èmi padà.

Ìyá Ìbejì, Pẹ́kàmù: Ẹ ṣeun, Bàbá. Fọ́tò ìwé ni o, kì í ṣe ti ojú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Máńṣẹ́sítà: Àǹtí, ẹ mú èkejì. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀rọ̀ ṣeé kà. Ti pé ó dagun yẹn, áàpù tí a fi ń sikáànì á nà án gún fún yín lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ṣe ti sàtífíkéètì mi nìyẹn, wọ́n sì gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, Líìdì: Àbúrò, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Áàpù lè fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé kí ó gún, àmọ́ ohun tí kámẹ́rà kò rí, áàpù kò lè dá a padà. Bí fóònù bá dagun, apá ìwé tó jìnnà sí i máa ń kéré, ó sì máa ń ṣú díẹ̀, nítorí ibi tó sún mọ́ ọn ni kámẹ́rà gbájú mọ́. Áàpù á wá na apá tó kéré yẹn kí ó lè bá ìyókù dọ́gba. Ìwé á gún lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà òkè á rí wúruwùru. Ìyá Ìbejì, ẹ fa nọ́ńbà inú èkejì tóbi títí tí yóò fi kún ojú fóònù, kí ẹ wo bóyá ẹ lè mọ 3 yàtọ̀ sí 8.

Kí n tó sọ èyí tó dára jù, mi ò lè fi ohun tí ẹ fi síbí yìí dájọ́. Wáàsáàpù ti gé gbogbo rẹ̀ kúrú. Fọ́tò tí fóònù yà ní píksẹ́lì 4032 sí 3024, bí a bá fi ránṣẹ́ lásán, ó sábà máa ń di nǹkan bíi 1600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ bíi fáìlì, kí ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Èyí tí ẹ bá sì máa gbé sórí ojú-ewé ayélujára àwọn tó ń gba ìwé fíísà, inú fóònù tó yà á ni kí ẹ ti gbé e. Ẹ má gbé èyí tó ti gba Wáàsáàpù kọjá.

Ìyá Ìbejì, Pẹ́kàmù: Háà! Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ bíi fáìlì báyìí. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Nínú èkejì, mi ò mọ̀ bóyá 8 ni àbí 3.

Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, Líìdì: Mo ti rí wọn. Ibi kan náà ni mo wò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fà wọ́n tóbi bákan náà: nọ́ńbà lókè, ìbuwọ́lù nísàlẹ̀, àti igun tó jìnnà sí fóònù jù. Èyí tó bá kùnà ní ibì kan ṣoṣo ti jáde, bó ti wù kí ìyókù rẹ̀ dán tó. Àkọ́kọ́ jáde nítorí nọ́ńbà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn bọ́ sí ti ṣófo pátápátá, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Èkejì jáde nítorí 8 yẹn. Ẹ̀kẹta ló sàn jù. Òjìji rẹ̀ kò pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé ti sọnù sínú rẹ̀, àwọn kan sì máa ń fẹ́ rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tèmi ni pé kí ẹ tún un yà.

Ẹ pa iná pálọ̀. Ẹ pa iná kámẹ́rà náà, òun ló ń ba ìwé tó ní láámínéètì jẹ́ jù. Ẹ tẹ́ ìwé sórí tábìlì kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún tàbí òsì yín. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ń ta sí, kò ní padà sójú kámẹ́rà. Ẹ gbé fóònù sókè díẹ̀, kí ẹ wá fà á sí 2x, òjìji ọwọ́ yín á kúrò. Kí ẹ sì wọ aṣọ dúdú, torí aṣọ funfun máa ń hàn lójú láámínéètì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Dọ́blíìnì: Ẹ jọ̀ọ́, èdìdì ńkọ́? Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mi ní èdìdì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn láìní yíǹkì. Nínú fọ́tò tó gún régé, kò hàn rárá, wọ́n sì kọ̀wé sí mi pé ìwé mi kò ní èdìdì. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, sún mọ́ ojú tábìlì, ni gbogbo àmì rẹ̀ yọ. Fọ́tò méjèèjì ni mo kó sínú PDF kan, èyí tó gún ṣáájú, èyí tó fi èdìdì hàn tẹ̀ lé e.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Máńṣẹ́sítà: Ìwé kan, fọ́tò kan ni o! Méjì á kàn dà wọ́n lójú rú.

Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, Líìdì: Bí ojú-ewé wọn bá gba ju ewé kan lọ, tí èdìdì kò sì hàn nínú èyí tó gún, ohun tí Àǹtí ṣe kò burú. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ gé èdìdì nínú ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì. Ayédèrú ni wọ́n máa kà á sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Máńṣẹ́sítà: Ó dáa, mo gbọ́ ti lílẹ̀. Ti fọ́tò méjì, mi ò tíì gbà.

Ìyá Ìbejì, Pẹ́kàmù: Mo ti tún un yà. Nọ́ńbà yọ kedere, 8 ni. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Àmọ́ mo fi áàpù mú un funfun sí i, òǹtẹ̀ búlúù wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, Líìdì: Ẹ yọ ọ́ kúrò. Áàpù yẹn kò mọ òǹtẹ̀ tó ti ṣá yàtọ̀ sí ìdọ̀tí, ó kàn ń pa gbogbo ohun tí kò dúdú rẹ́ ni. Ẹ fi àwọ̀ ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kàn gé tábìlì kúrò létí rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ HEIC ni fóònù yín fi pa á mọ́, ẹ sọ ọ́ di JPG tàbí PDF.

Bàbá Hiúsítìn: Ó ti wá yé mi wàyí. Ṣé kò ní dáa kí ẹ kúkú bó láámínéètì yẹn kúrò?

Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, Líìdì: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Yíǹkì lè bá a ṣí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Dọ́blíìnì: Wọ́n bó ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan, kò ya. Àmọ́ mi ò mọ ohun tí wọ́n fi bó o, màá bi í.