Ọ́dà mi ní 0.618 kò wọlé nígbà tí mo ń retí ẹ̀, ìgbà tí mo gbàgbé ló wọlé

Mòrẹ́nikẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lóṣù kọkànlá 2024, ní àkókò ìdìbò Amẹ́ríkà, Bitikọ́ìn gbéra láti bíi 66,800 dọ́là, ó sì dé bíi 99,600 ní ọjọ́ 22. N kò rà nígbà tó ń lọ, mo ní n ó dúró dìgbà tó bá wálẹ̀. Mo fa Fibonáṣì, àwọn ìlà tó ń fi hàn ibi tí iye lè rọ̀ dé kó tó tún gòkè, láti ìsàlẹ̀ dé òkè ìrìn náà lórí TradingView, mo gbé ọ́dà láti rà sí 0.618, ibi tí iye bá ti dá 61.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn náà padà, ìyẹn 79,330. Ó wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi 90,800 ló ti yí padà ní ọjọ́ 26, kò pẹ́ ló kọjá 100,000. Mo bínú, mo sì gbàgbé ọ́dà náà síbẹ̀. Ìparí oṣù kejì 2025 ni mo rí i pé ó ti wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹrin, iye rẹ̀ já dé bíi 74,500, ẹ̀rù bà mí, mo tà. Oṣù karùn-ún ló tún kọjá 100,000. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ kí n gbé ọ́dà sí?

Sẹ́gun Ìjẹ̀bú: 0.618 náà ni, má ṣe kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ lọjà ti máa ń bọ̀wọ̀ fún wa. Sùúrù ni ò ní.

Bàbá Ìbejì: Èmi rántí tèmi! Owó yíyá ìlọ́po mẹ́wàá ni mo fi ra kọ́ìn kékeré kan. Ó wálẹ̀ bíi ìdá mẹ́wàá péré, wọ́n ti gba gbogbo owó mi, kó tó dé ìlà kankan. Ẹ má yáwó o.

Ìyá Tósìn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n ti Mòrẹ́nikẹ́ kì í ṣe ti owó yíyá.

Sẹ́gun, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ: ẹni tó bá rà ní 0.618 rà á ní olówó pọ́ọ́kú. Àmọ́ nígbà tí nǹkan bá gòkè lójijì báyìí, àwọn tí kò rí rà máa ń pọ̀, wọ́n sì máa ń kánjú rà bó bá ti rọ̀ díẹ̀. Fún ìrìn 32,800 yẹn, 0.236 wà ní 91,860, 0.382 sì wà ní 87,070. Kò dé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn rárá kó tó yí padà.

Mòrẹ́nikẹ́, wo ohun tí o kò wò. Lágbedeméjì ìrìn náà, ọjà sinmi ní ọjọ́ 14, ó rọ̀ dé bíi 86,700 kó tó tún gbéra. Bí o bá fa Fibonáṣì láti ibẹ̀ dé 99,600, 0.618 rẹ̀ bọ́ sí 91,630, tòsí 0.236 ti ìrìn ńlá. Ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé báyìí ni èmi máa ń gbé ọ́dà àkọ́kọ́ sí. Àbẹ́là ni àmì iye àsìkò kan lórí ṣáàtì, òwú rẹ̀ sì ni ìlà tín-ín-rín tó ń fi ibi tí iye dé hàn: òwú àbẹ́là ọjọ́ 26 kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó sì padà. Ọ́dà tó kù á wá wà ní 87,070 àti 83,200, ìyẹn 0.382 àti 0.5 ti ìrìn ńlá.

Ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ni ọ́dà tí o gbàgbé. Lóṣù kìíní 2025 ọjà ti dé bíi 109,000. Òkè tí o fi wọn ìlà ti yí padà, 79,330 kì í ṣe 0.618 mọ́. Bí àbẹ́là ọjọ́ kan bá ti parí lókè ibi tí o fi ṣe òkè, pa ọ́dà rẹ rẹ́.

Mòrẹ́nikẹ́: Ẹ ṣé, mà. Sítọ́ọ̀pù, ọ́dà tó ń tà fúnra rẹ̀ bí iye bá já kọjá ibi tí a fi sí, ńkọ́? N kò fi ìkankan sí i.

Ìyá Tósìn: Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù tà á fún ọ. Ká ní 1,000 dọ́là lo ní, tí o kò sì fẹ́ pàdánù ju 20 lọ. Bí ọ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé ní ìdọ́gba, o rà ní bíi 87,200. Fi sítọ́ọ̀pù sí 78,500, abẹ́ 0.618 ti ìrìn ńlá. Ìdá mẹ́wàá nìyẹn, nítorí náà gbogbo ohun tí o máa rà kò gbọdọ̀ ju 200 dọ́là lọ, bíi 66 fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan. Ó kéré lójú, mo mọ̀.

Sẹ́gun Ìjẹ̀bú: Mà, ẹ má bínú. Ẹ ti mọ ibi tó padà kí ẹ tó fa ìlà kejì. Ká ní ìsàlẹ̀ ọjọ́ 17 ni mo lò ńkọ́?

Ìyá Tósìn: O rí mi mú níbẹ̀. Òfin mi ni pé ìsinmi náà gbọ́dọ̀ hàn lórí ṣáàtì wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí n sì fa ìlà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Síbẹ̀, ẹni méjì lè wo ṣáàtì kan náà kí wọ́n mú ìsàlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mòrẹ́nikẹ́: Ṣé òwú àbẹ́là ni ẹ máa ń lò tàbí ara rẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Ara rẹ̀ ni tèmi.

Ìyá Tósìn: Òwú.